Bóòtù tó di púlì ẹ̀rọ ata mi mú: kí ni kí n pè é ní ṣọ́ọ̀bù?

Ìyá Aláta Ìgbógbó
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìgbógbó níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòròdú, ni mo ti ń lọ ata fún àwọn èèyàn. Ẹ́ńjìnnì kékeré onípẹtiróòlù ló ń fa ẹ̀rọ mi. Bóòtù kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ṣáàfù rẹ̀ tó di púlì mú kó má baà yọ dànù. Sípánà 13 la fi ń tú u, àmọ́ sípánà náà kì í mú un gírí, ó máa ń yọ̀ lórí rẹ̀, títí orí bóòtù náà fi di róbótó.

Mo rán ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ pé kó lọ ra òmíràn. Ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní "bóòtù 13", wọ́n sì fún un. Nígbà tí a fi sí i, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó há. Mo wá ya fọ́tò ti àtijọ́, mo fi ránṣẹ́ sí ontàjà lórí Wasáàpù. Ó ní òun ti mọ̀ ọ́n, ó fún wa ní èyí tó tínrín ju ti àkọ́kọ́. Ìyẹn ń mì nínú ihò bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Ọmọ náà wá fẹ́ ki páìpù gígùn bọ sípánà kó fi tipá yí ti àkọ́kọ́ wọlé. Mo ní kó dúró ná.

Fọ́tò méjì ni mo fi síbí. Ẹ ó rí i pé kò sí nọ́ńbà kankan lórí bóòtù àtijọ́ náà, ìlà kéékèèké 3 ló wà níbẹ̀, mi ò mọ ìtumọ̀ wọn. Fọ́tò kejì jẹ́ ti súkúrù onísítáà kan tí orí rẹ̀ ti jẹ, lára ìdérí ẹ̀rọ. Mo tún fẹ́ béèrè nípa nọ́ọ̀tì tó wà lábẹ́ férémù, tó ń tú fúnra rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí mo bá padà sí Ṣábó lọ́la, kí ni kí n sọ pé mo fẹ́ rà?

Mẹkáníìkì Ṣábó
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bóòtù tí sípánà 13 ń tú, M8 ni, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín ló tọ̀nà, ihò yín ló ti dọ̀tí tàbí tí eyín inú rẹ̀ ti tẹ̀. Ẹ bu ọ́ìlì sí i, kí ẹnì kan fi táàpù M8, irin tó ń gé eyín sínú ihò, gba inú rẹ̀ kọjá, bóòtù á wọlé wẹ́rẹ́. Ìlà 3 yẹn, àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe bóòtù náà ni, ẹ má wulẹ̀ wò ó.

Oníbóòtù Ògólóńtọ̀
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki táàpù M8 bọ ihò yẹn. Bí ó bá ti gba ibẹ̀ kọjá, eyín tó wà nínú ṣáàfù yín ti parẹ́ nìyẹn, ṣáàfù kì í sì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń rà ní olówó pọ́ọ́kú.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ náà láti ìdí. 13 tí ẹ ń pè yẹn, orí bóòtù ni, kì í ṣe ara rẹ̀. Orí ni sípánà ń gbá mú, ara ló ń wọ ihò. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí ìyọnu tó wà nínú èyí. Ẹnì kan á dé, á ní kí n fún òun ní bóòtù 10. Ó lè jẹ́ èyí tí sípánà 10 ń tú ló ń wá, ìyẹn M6, tí ara rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 6. Ó sì lè jẹ́ M10 ló ń wá, tí ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 10, tó jẹ́ pé sípánà 17 ló sábà máa ń tú u. Bóòtù méjì tí wọn ò bára wọn tan rárá ń jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni M8: sípánà 13 ló ń tú èyí tó pọ̀ nínú wọn, àmọ́ 12 ló ń tú ọ̀pọ̀ lára èyí tó wá nínú ọkọ̀ Jàpáànù. Nítorí náà, ẹni tó dárúkọ sípánà nìkan kò tíì dárúkọ bóòtù.

Ní ti ìlà 3, ọ̀gá mẹkáníìkì, kì í ṣe àmì ilé iṣẹ́ o. Agbára bóòtù ni wọ́n fi ń sọ. Bóòtù oníínṣì ni wọ́n ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ sí: 3 ni ti ìpele karùn-ún, 6 ni ti ìpele kẹjọ tó le jù ú lọ. Bóòtù onímìlímítà kì í gbé ìlà, nọ́ńbà ni wọ́n ń kọ sí i lórí, bíi 8.8 tàbí 10.9. Bí mo ṣe rí ìlà 3 nínú fọ́tò yẹn ni mo ti mọ̀ pé Màmá ń wá bóòtù oníínṣì láàárín àwọn onímìlímítà.

Ohun tí mo rò pé ó jẹ́ ni 5/16 íǹṣì, eléyín kíkúnná, tí eyín 24 wà nínú íǹṣì kan. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré irú èyí, àní èyí tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà, ló ní ṣáàfù tó nípọn ní 3/4 íǹṣì, bóòtù yẹn náà ni wọ́n sì máa ń gbẹ́ ihò ẹnu rẹ̀ fún. Irú kejì wà tí ṣáàfù rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20, M8 ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ṣáàfù méjèèjì kò tó mìlímítà kan, ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ fi kálípà wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ 19 àti díẹ̀, a ti sún mọ́ òtítọ́.

Ẹ tún wo ohun tí sípánà yín ń ṣe. Orí bóòtù 5/16 jẹ́ ìdajì íǹṣì, ìyẹn mìlímítà 12.7. Sípánà 13 á bọ́ sí i lórí, àmọ́ àyè díẹ̀ á ṣẹ́ kù. Àyè díẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó máa yọ̀, òun ló sọ orí bóòtù yín di róbótó. Sípánà 1/2 ló yẹ kí ẹ máa lò láti ọjọ́ yìí.

Ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́
Ẹ kú àṣàrò o. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni tèmi, ní Ẹ̀pẹ́ níbí, mo sì ti jìyà bóòtù gan-an. Irin lásán kò pé oṣù mẹ́ta lára ọkọ̀ mi kí ó tó dípẹtà, bí mo bá sì fẹ́ tú u, orí á já, ara á sùn sínú. Láti ìgbà tí mo ti bọ́ sórí irin tí kì í dípẹtà, ọkàn mi balẹ̀. Omi ata ń dà sí ẹ̀rọ Màmá lára lójoojúmọ́, iyọ̀ àti tòmátì sì wà nínú rẹ̀. Irin tí kì í dípẹtà ni kí wọ́n rà, èyí tí wọ́n kọ A2-70 tàbí A4-70 sí lórí.

Kápẹ́ńtà Àgbádárìgì
Màmá, súkúrù onísítáà ni ẹ ń wí, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, òun la fi ń kan ilẹ̀kùn àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ má ra èyí tó gùn jù, kó má baà yọ sí òdì kejì pákó. Ìlàjì nípọn pákó kejì ni mo máa ń jẹ́ kó wọ̀ dé. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé èyí tí orí rẹ̀ máa ń rì wọnú pákó, láti òkè orí rẹ̀ pátápátá la ti ń wọn gígùn rẹ̀. Èyí tí orí rẹ̀ máa ń jókòó sórí pákó, abẹ́ orí la ti ń wọ̀n ọ́n.

Ìyá Aláta Ìgbógbó
Ẹ ṣé o, ọ̀gá kápẹ́ńtà. Ara irin ni tèmi wà o, kì í ṣe pákó. Àmọ́ mi ò mọ ọ̀rọ̀ ibi tí a ti ń wọn gígùn yẹn tẹ́lẹ̀, á wúlò fún mi.

Oníbóòtù Ògólóńtọ̀
Òótọ́ lọ̀rọ̀ kápẹ́ńtà nípa gígùn. Bóòtù onígun 6 náà, abẹ́ orí la ti ń wọ̀n ọ́n dé ìdí. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti òkè orí á ra èyí tó gùn jù, bóòtù á kanlẹ̀ nínú ihò ṣáàfù kó tó di púlì mú. Èèyàn á rò pé ó ti le, púlì á sì máa rìn lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá ọlọ́kọ̀, mo mọ ìyà tí omi fi ń jẹ yín. Fún ọkọ̀, ohun tí ẹ ń lò ló dára. Àmọ́ lẹ́nu ṣáàfù yìí, èmi ò ní fi irin yẹn sí i. A2-70 kò lágbára tó oníìlà 3. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí bóòtù àti nọ́ọ̀tì bá jẹ́ irin tí kì í dípẹtà méjèèjì, wọ́n lè jẹ ara wọn kí wọ́n sì há pátápátá bí a bá ń yí wọn láìsí gíríìsì.

Ẹ wá gbọ́ ti sítáà, Màmá, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní kàńtà mi. Ní Ìkòròdú, bí oníbàárà bá ní sítáà, ó lè jẹ́ èyí tó dà bí àgbélébùú, tó ní apá 4. Ó sì lè jẹ́ èyí tó dà bí ìràwọ̀ ní tòótọ́, tó ní ẹnu 6, tí àwa ń pè ní tọ́kìsì. Ẹ̀kẹta wà tó ní ẹ̀gbẹ́ 6 gbọọrọ nínú ihò rẹ̀, alẹ́ńkíì ló ń tú ìyẹn. Nínú fọ́tò yín, iná fóònù ti kọ mànà sójú súkúrù náà, gbogbo inú ihò funfun bálaú. Mi ò lè sọ bóyá 4 ni tàbí 6. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ihò náà, ẹ pa iná fóònù, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí òjìji lè bọ́ sínú ihò. Òjìji ló ń fi igun hàn.

Mẹkáníìkì Ṣábó
Bàbá Oníbóòtù, mo gbà yín gbọ́ lórí ìlà 3, mi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì ní kí Màmá náwó. M8 eléyín kíkúnná náà wà, èyí tí àlàfo eyín rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 1. Mo ti rí i lára ọkọ̀ púpọ̀. Ohun náà lè jẹ́ ìyẹn. Àbí ta ló mọ̀ bóyá ẹni tó tún ẹ̀rọ yẹn ṣe tẹ́lẹ̀ ló fi bóòtù ibòmíràn sí i?

Oníbóòtù Ògólóńtọ̀
Ìbéèrè tó dára nìyẹn. Bóòtù tó wà níbẹ̀ lè má jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, kíka eyín ló kù. Màmá, ẹ wá rúlà inú páálí ìṣirò ọmọ iléèwé, èyí tó ní íǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ gbé bóòtù lé e, kí eyín kan ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ojú ìlà. Ẹ má ka èyí tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ka àwọn tó tẹ̀ lé e títí ẹ ó fi dé ìdajì íǹṣì. Bí ó bá jẹ́ M8 tí gbogbo èèyàn ń rà, 10 lẹ máa rí. Bí ó bá jẹ́ 5/16 tí mo wí, 12 géérégé ni. Bí ó bá jẹ́ M8 tí ọ̀gá mẹkáníìkì ń sọ, ẹ ó kọjá 12, ẹ ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 13.

Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún wa. Ẹ má gbé fóònù sún mọ́ ọn jù.

Tísà Ìmọ̀ Ẹ̀rọ
Ẹ jẹ́ kí n fi kún èyí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni fọ́tò ti máa ń tan èèyàn. Bí bóòtù bá sùn lórí rúlà, àárín rẹ̀ ga ju rúlà lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 4, torí pé ó yí. Bí kámẹ́rà bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 péré sí rúlà, ohun tó sún mọ́ ọn jù á tóbi lójú rẹ̀, bóòtù á sì hàn bí ẹni pé ó fi nǹkan bí 4 nínú 100 tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàtọ̀ àlàfo eyín 5/16 yìí àti ti M8 eléyín kíkúnná kò ju 6 nínú 100 lọ. Ẹ rí i pé àṣìṣe kámẹ́rà nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé gbogbo ìyàtọ̀ náà mì.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe ni pé kí wọ́n fi nǹkan gbé rúlà sókè, bí ìwé tí wọ́n ká tàbí pákó pẹlẹbẹ, títí ojú rúlà á fi bá àárín bóòtù dọ́gba, kí àwọn méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn náà, kí fóònù wà lókè tààrà, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40, kí wọ́n fa àwòrán náà tóbi dípò kí wọ́n sún mọ́ ọn.

Ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́
Tísà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í lo rúlà. Bóòtù tí a mọ̀ la máa ń gbé ti èyí tí a kò mọ̀, eyín kọ ojú sí eyín, a ó wá gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá bára mu, eyín ọ̀kan á wọnú ti èkejì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kò ní yọ. Bí wọn kò bá bára mu, ẹ ó rí i pé wọ́n pàdé níbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ya ara wọn lẹ́yìn ìyẹn.

Oníbóòtù Ògólóńtọ̀
Ohun tí ọlọ́kọ̀ sọ yìí péye, mo máa ń ṣe é ní kàńtà. Kìkì pé ó yẹ kí bóòtù méjèèjì gùn díẹ̀. Bí eyín 4 tàbí 5 péré ló wà lára rẹ̀, 5/16 yìí àti M8 kíkúnná á dà bí ìbejì.

Ìyá Aláta Ìgbógbó
Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Mo gbé rúlà lé pákó, mo fi fóònù jìnnà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ mi náà kà á. 12 ló bọ́ sí orí ìlà ìdajì íǹṣì gan-an, kò kù, kò ṣẹ́. Fọ́tò rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Láti abẹ́ orí dé ìdí jẹ́ íǹṣì 1. Mo tún yá kálípà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ kan ládùúgbò, ó wọn ṣáàfù, ó ní 19 ni, ó lé bíńtín. Ara bóòtù jẹ́ 7.8.

Súkúrù ìdérí náà, mo fọ̀ ọ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹnu 6 ló ní! Ọmọ mi ti ń fi èyí tó ní apá 4 tú u látọjọ́ yìí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ.

Oníbóòtù Ògólóńtọ̀
Ó parí. Bóòtù yín jẹ́ 5/16, eyín 24, gígùn íǹṣì 1, oníìlà 3. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ gbé bóòtù àtijọ́ dání, kí ẹ sì bèèrè pé "5/16 eléyín kíkúnná", torí pé eléyín 18 ló pọ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ara tó wọn 7.8 kò yà mí lẹ́nu. Orúkọ 5/16 jẹ́ 7.94, àmọ́ eyín òde kì í dé orúkọ rẹ̀ gan-an, tó bá sì ti lò pẹ́, á tún jẹ díẹ̀. Ẹ rí i pé kálípà nìkan kò bá ti lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára M8.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gba nọ́ọ̀tì 5/16 kíkúnná lọ́wọ́ ontàjà, ẹ fi ọwọ́ lásán yí i sára bóòtù àtijọ́ títí dé ibi tí eyín rẹ̀ parí sí. Bí ó bá há lójú ọ̀nà, ẹ má rà.

Ihò ṣáàfù wá ńkọ́? Bóòtù M8 tí ọmọ yín yí lẹ́ẹ̀kan yẹn ti lè tẹ eyín àkọ́kọ́. Bí bóòtù tuntun bá kọ̀ láti fi ọwọ́ wọlé, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń lo ẹ̀rọ léèdì, kó fi táàpù 5/16 eyín 24 tún ẹnu ihò náà ṣe. Ẹ wí fún un léraléra pé kì í ṣe M8.

Mẹkáníìkì Ṣábó
Màmá, ẹ má bínú sí ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ti ki táàpù yẹn bọ̀ ọ́, èmi ni mo ṣì yín lọ́nà. Ní ti nọ́ọ̀tì abẹ́ férémù, nọ́ọ̀tì 2 ni kí ẹ lò lórí bóòtù kan, kí ẹ di ìkejì mọ́ ìkíní lójú, kò ní tú mọ́.

Ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́
Nọ́ọ̀tì 2 máa ń tú lára ọkọ̀ mi. Èyí tó ní òrùka ike lẹ́nu ni kí wọ́n rà, òrùka náà máa ń funfun tàbí kó ní àwọ̀ búlúù. Ike yẹn ń gbá eyín mú.

Oníbóòtù Ògólóńtọ̀
Èmi náà á yan oníke, àyàfi bí nọ́ọ̀tì náà bá sún mọ́ sáílẹ́ńsà. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 120, ike á rọ̀, agbára rẹ̀ á lọ. Ẹ má sì máa tú u kí ẹ tún lò ó lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, bí ó bá ti ń fi ọwọ́ yí kọjá ike náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́
Ọdún 3 ni mo ti ń tú ti tèmi, tí mo ń dì í padà, ó ṣì ń mú.

Ìyá Aláta Ìgbógbó
Mo ti Ṣábó dé. Ṣọ́ọ̀bù méjì àkọ́kọ́ kò ní in, eléyín 18 ni wọ́n ń nà sí mi. Ní ẹ̀kẹta, mo fi ìwé hàn wọ́n, ọmọkùnrin náà lọ wá a nínú àpótí kan lẹ́yìn, ó ní àwọn kì í tà á déédéé. Mo fi nọ́ọ̀tì dán an wò bí ẹ ṣe wí, ó yí títí dé ìparí. Mo ra 2, kí ọ̀kan wà nípamọ́.

Nígbà tí mo délé, ó kọ̀ ní eyín àkọ́kọ́ lóòótọ́. Mo gbé ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ oníléèdì kan, ó wá táàpù rẹ̀, ó tún ẹnu ihò ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ìka méjì ni mo fi yí bóòtù wọlé títí dé ìsàlẹ̀. Mo fi wáṣà sí i, mo sì fi sípánà 1/2 dì í. Sípánà náà gbá orí rẹ̀ mú gírí, kò yọ̀ rárá. Mo ti lọ ata láti aago méje àárọ̀ yìí, púlì kò rìn.

Nọ́ọ̀tì férémù ló kù. Méjì nínú mẹ́rin wà lẹ́bàá sáílẹ́ńsà, mi ò sì mọ bí ooru ibẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Mo fi oníke sí méjì tó jìnnà, mo fi nọ́ọ̀tì 2 sí àwọn tó kù. Bí ọ̀kan bá kọ́kọ́ tú, máa padà wá sọ èyí tó jẹ́ fún yín.